Ọ̀rọ̀ ìdágbére mi ní èdè méjì, àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún mi nílé ẹ̀kọ́ wa ní Rẹ́mọ, nínú oṣù keje ọdún 2025, ìwé ojú ewé mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, mọ́kànlá ni. Ohun tó dín mọ́kànlá náà kù, àti ohun tó ṣì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ojú ewé mẹ́rin náà, ni mo fẹ́ sọ níbí. Mo mọ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi tí wọ́n máa pé ọgọ́ta ọdún láìpẹ́, tí wọn yóò ní kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Ìṣirò ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ. Mo rò pé ẹni tó lè dúró níwájú kíláàsì ọlọ́gọ́ta ọmọ lè dúró níbikíbi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo tún padà sórí rẹ̀, mo sì ń kọ Yorùbá sábẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fojú fo òun. Àwọn tó ń bọ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi: àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, àwọn tíṣà tó ti orílẹ̀ ibòmíràn wá, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn ìyá ọlọ́jà tó wà nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àti aṣojú Kábíyèsí. Mo ní kí n pín in dọ́gba fún wọn. Ẹni tó kọ́ni ní ìṣirò kò ní mọ̀ ju ìpín dọ́gba lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó sí pálọ̀, mo tẹ aago fóònù, mo kà á fún ọkọ mi àti ọmọbìnrin mi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni olùdarí ètò fún mi. Ṣùgbọ́n aago kọ́ ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, ojú ọmọ mi ni. Bí mo bá ti parí Gẹ̀ẹ́sì, tí mo bọ́ sí Yorùbá, á gbé fóònù rẹ̀. Bí mo bá padà sí Gẹ̀ẹ́sì, á gbójú sókè. Mo bi í léèrè pé kí ló dé. Ó ní, “Màámi, ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kẹ̀.” Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀ ń tòògbé ní gbogbo ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá wà lẹ́nu mi, á sì jí bí Yorùbá bá dé. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì tó gbọ́ mi tán. Ohun tí mo pè ní ìpín dọ́gba, ńṣe ni mo fi ń fún gbogbo èèyàn láyè láti sinmi lórí mi.

Bí mo ṣe ya ojú ewé kan sí méjì nìyẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbolóhùn kọ̀ọ̀kan pé ta ni ó ni ín. Ọdún tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé mi lọ, ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ìyẹn jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n sínú fáìlì. Mo gbìyànjú láti fi Yorùbá pe ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 1991, mo sì mọ̀ ọ́n ṣírò: ẹgbàá ó dín mẹ́sàn-án. Mo pè é fún ọkọ mi, ó ń ka ìka. Nígbà tó fi máa rí i, mo ti sọ gbolóhùn méjì mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ kan fi ẹnu Yorùbá sọ fún mi ní kíláàsì, ohun tí ìyá arúgbó kan sọ nígbà tó wá bẹ̀ mí nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀, mi ò lè gbé ìyẹn lọ sí Gẹ̀ẹ́sì kí ó má di ọ̀rọ̀ rédíò. Ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lédè wo, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ojú ewé mọ́kànlá di mẹ́fà nípa èyí nìkan.

Mo gbé mẹ́fà náà lọ fún ọmọ tó ń tẹ̀wé nítòsí gáréèjì. Ó tẹ ẹ́ dáadáa, àmọ́ kò fi àmì kankan sórí Yorùbá. Ó ní kọ̀ǹpútà òun kò ní i. Mo ní kò burú, ṣebí èmi ni mo kọ ọ́. Nígbà tí mo kà á nílé, mo dé ibi tí ó kọ “ni igba naa, igba akekoo lo wa,” mo sì dúró bí ẹni tí iná ọba já mọ́ lójú. Ní ìgbà náà, igba akẹ́kọ̀ọ́ ló wà: mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú mi kò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹnu mi sì ti pe àkọ́kọ́ ní igba. Bó bá jẹ́ lórí máíkì ni, àwọn ọmọ tí mo ti bú nítorí àìkàwé yóò rẹ́rìn-ín mi. Mo fi bírò pupa fọwọ́ mi fi àmì sí gbogbo ojú ewé Yorùbá, lẹ́tà lórí lẹ́tà, ó gba ọ̀sán kan. Ẹ má gbára lé ìrántí yín lórí èyí. Ẹni tó bá ń ka ìwé tó ti fúnra rẹ̀ kọ, tí àyà rẹ̀ sì ń já, àjèjì ni níwájú ìwé náà.

Ibi tí mo wá fẹ́ sọ gan-an rèé.

Nígbà tí mo ń kó ẹrù mi kúrò nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo rí ìwé kan nísàlẹ̀ àpótí mi. Ìwé alábala ọgọ́ta ni, èkúté ti jẹ etí rẹ̀. Orúkọ ọmọ ló kún inú rẹ̀, ọjọ́, àti náírà márùn-ún márùn-ún níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé fanákúlà ni. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé láyé ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n: ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé, á san owó, tàbí kí ó lọ gé koríko. Èmi ni wọ́n ní kí ń máa tọ́jú ìwé náà láti 1997 sí 1999. Wọn ò tì mí síbẹ̀. Inú mi dùn sí i nígbà náà, nítorí wọ́n ní ọwọ́ mi le.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí jù ni pé n kì í ṣe aláìmọ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, a kọ́ wa nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Wọ́n bi wá ní ìdánwò, mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo gba máàkì. Lẹ́yìn náà ni mo jáde, tí mo sì ń fi náírà márùn-ún lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ.

Èrò mi àkọ́kọ́ ni láti gbé ìwé yẹn lọ sórí pódíọ̀mù. Mo fẹ́ ka orúkọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin mi gbọ́, ó ní, “Ṣé ẹ ti bi àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ bóyá ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?” Mo bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo pe ẹnì kan nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ jáde nígbà mẹ́sàn-án nínú tẹ́ẹ̀mù kan ṣoṣo ní 1998. Ó ti ń ta aṣọ òkè báyìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹgbẹrẹgbẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń wá ra aṣọ Ojúde Ọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dáhùn fóònù pẹ̀lú ìdùnnú, ó kí mi, ó bi mí nípa bàbá ilé. Mo bi í nípa ìwé náà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Mà, ṣé ẹ rántí ọjọ́ rèsíò?” N kò rántí. Ó rán mi létí. Mo kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: kí a pín 600 náírà fún ẹni méjì ní ìwọ̀n 3 sí 2. Kò sí ọmọ tó nawọ́. Òun nawọ́, ó dìde, ó ní, “Ẹ pín owó náà sí ọ̀nà márùn-ún. Ọ̀nà kan jẹ́ ọgọ́fà. Kí ẹni àkọ́kọ́ mú ọ̀nà mẹ́ta, kí èkejì mú méjì.” Ìyẹn ni pé 360 àti 240. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àlàyé tí mo ti ń wá fún ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ náà fi gbolóhùn mẹ́ta ṣe é, nítorí ó ti rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pín èrè àjọṣe pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀. Èmi ní tèmi, mo ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Ó dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀ fún “ọ̀nà márùn-ún,” kò rí i. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, mo ní kí ó jókòó.

Ó ní òun kò tún nawọ́ mọ́ fún ìyókù ọdún yẹn. “Gẹ̀ẹ́sì kò jáde, Yorùbá sì ń gbowó,” bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò tilẹ̀ gbé ohùn rẹ̀ sókè. Mo tọrọ àforíjì lórí fóònù. Ó ní kí n má ṣe dárúkọ òun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí n sọ ohun tí mo ṣe, kí n sì fi Yorùbá sọ ọ́. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ máa fi ìtàn ọmọ ṣe àwàdà lọ́jọ́ ìdágbére yín, ẹ pè é kọ́kọ́ lórí fóònù. Ohun tí ẹ̀yin rántí bí eré, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni nǹkan ti já lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Òjò rọ̀ ní àárọ̀, ó dá. Gbọ̀ngàn kún. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, mo kí àwọn ọ̀gá bó ṣe tọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dúró ṣánṣán lẹ́yìn pódíọ̀mù. Ó lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sí Yorùbá láti kí aṣojú Kábíyèsí, àfi bí orúnkún mi ṣe ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè orúnkún lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe Kábíyèsí ní Yorùbá tí yóò dúró gbọọrọ bí igi? Mo kúnlẹ̀. Pódíọ̀mù náà ga, mo wọlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, máíkì sì wà lókè lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn ń gbọ́ ìkùnsínú lásán láti inú igi. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ rẹ́rìn-ín, púrínsípà wá gbà mí lọ́wọ́ dìde, nítorí orúnkún ọ̀tún mi kò dára. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti kí wọn níwájú ìjókòó wọn kí n tó gun orí pèpéle.

Púrínsípà náà, ọmọ tí mo kọ́ ni. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí wàhálà láàárín wa. Lédè Yorùbá, ó ti bẹ̀ mí láìmọye ìgbà kí n yé é pe òun ní “ẹ.” Níwájú gbogbo ayé mo pè é ní “ẹ,” ó sì ń fi orí kọ̀ ọ́ láti orí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀gá mi ṣì ni títí di agogo méjì ọjọ́ náà.

Mo dé ibi ìwé fanákúlà. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ọmọ náà ṣe ní kí n sọ ọ́: ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀, ohun tí mo ṣe. Mi ò dárúkọ. Mo kọ̀wé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé pé “má sáré,” mi ò sì sáré. Nígbà tí mo dé “mo ní kí ó jókòó,” gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo rí ọkùnrin kan ní ìlà kẹrin tó yọ fìlà rẹ̀, tó fi í sí orí itan. Òun kọ́ ni mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹlòmíràn ni, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé náà rárá. Ọ̀dọ̀ tíṣà mìíràn ni tiẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Mà, ẹ̀yin náà ẹ san náírà márùn-ún o!” Ẹ̀rín bú sókè. Mo ti fi Yorùbá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú ilé ẹ̀kọ́, owó ìtanràn mi kò kéré.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi lẹ́nu báyìí ni mo ṣe àṣìṣe tó ṣì ń dùn mí.

Ìwé mi sọ pé kí n padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. N kò padà. Yorùbá ti gbé mi, ẹkún ti wà lọ́nà ọ̀fun, mo sì ń bá a lọ. Mo dé orí Mádáàmù Kẹ́mísírì. Láti Anambra ló ti wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní 2004. Yorùbá ọjà ni ó gbọ́: iye tòmátì, ibi tí mọ́tò ń lọ, ẹ káàárọ̀, ẹ ṣé. Nígbà tí ọkọ mi ṣàìsàn ní 2009, tí mo wà ní ọsibítù pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun ló ń wọ kíláàsì àṣejáde mi lórí tirẹ̀, tó ń máàkì iṣẹ́ wọn lálẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ni wọ́n sọ fún mi. Mo sọ gbogbo èyí ní Yorùbá, mo sì parí rẹ̀ pé, “Ó bá mi ru ẹrù mi, kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ó wúwo.” Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo wo ìlà iwájú. Mádáàmù dìde pẹ̀lú wọn. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tí a ń yìn. Orúkọ rẹ̀ ni mo pè, àmọ́ ó jọ pé ariwo ti bo ó mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n dúró, kí n sọ gbolóhùn kan ṣoṣo fún un lédè tó gbọ́. Olùdarí ètò ti ń na ìka méjì sí mi pé ó ku ìṣẹ́jú méjì, mo sì bọ́ sí àdúrà ìparí.

Mo ti rò ó títí. Gbogbo ètò tí mo ṣe, ta ni ó ni gbolóhùn yìí, ta ni ó ni tọ̀hún, mo ṣe é fún àwọn tó pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kí a fi èdè rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, mo fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹnu mi dùn. Bí mo bá tún un ṣe, mi ò ní túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Kí n tó bọ́ sí Yorùbá, ǹ bá fi gbolóhùn kan sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí jẹ́ nípa obìnrin yìí àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan. Ìyẹn tó. Ẹni tí kò gbọ́ ìyókù yóò mọ̀ pé òun ni.

Nígbà tí ìrẹsì tán, tí àwọn èèyàn ń wọ mọ́tò, mo lọ bá a ní yàrá ìṣeyẹ̀wò rẹ̀. Ó ń ti fèrèsé. Ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni mo sọ tí wọ́n fi dìde. Mo sọ fún un. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun gbogbo tí mo sọ, ó sì kéré lẹ́nu mi, ó rí bí ìwé ìdúpẹ́ ọ́fíìsì. Ẹrù náà di iṣẹ́, wíwúwo náà di wàhálà. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sórí àga gíga kan nínú àwọn àga àwọn ọmọ.

Ó ní kí n fi Yorùbá sọ gbolóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, kí n rọra sọ ọ́. Ó yọ fóònù rẹ̀ nínú báàgì, ó tẹ ibi tí a fi ń gba ohùn, ó sì nà án sí iwájú ẹnu mi.